Bí mo ṣe sọ ṣáàtì inú sílàìdì di àtẹ iye

Ẹ̀gbọ́n kan nínú ìgbìmọ̀ wa kì í ríran dáadáa. Ohùn kọ̀ǹpútà ló máa ń ka ìwé fún wọn. Bí ohùn náà bá dé orí ṣáàtì, "àwòrán" lásán ló ń pè é, tí yóò sì kọjá lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti sílàìdì ìròyìn ọjà wa, kí n lè kọ ohun tí ṣáàtì ibẹ̀ ń wí sínú àtẹ, kí n sì fi sáà kan wé èkejì.

Mo fi ọwọ́ ọ̀tún máùsì tẹ ṣáàtì kọ̀ọ̀kan. Níbi tí `Edit Data` bá ti jáde, iye tí wọ́n fi yà á wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo kàn dà á kọ ni.

Èyí tó gba àkókò mi ni ṣáàtì kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ bíi fọ́tò. Kò ní iye kankan lẹ́yìn, wọn kò sì kọ nǹkan kan sórí òpó rẹ̀. Mo wo ẹ̀gbẹ́ òsì: 400 ni ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá, kì í ṣe òdo. Òpó oṣù mẹ́ta kejì ga ju ti àkọ́kọ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́rin, ẹni tó bá sì fi ojú lásán wò ó yóò gbà pé ọjà náà ti di ìlọ́po mẹ́rin.

Mo ṣí fọ́tò náà nínú ètò tó ń ka píksẹ́ẹ̀lì. Láti ìlà 400 dé ìlà 500 jẹ́ píksẹ́ẹ̀lì 200, nítorí náà píksẹ́ẹ̀lì 2 dúró fún ọjà 1. Òpó àkọ́kọ́ ga ní píksẹ́ẹ̀lì 40 láti ìlà 400, ìyẹn ọjà 420. Èkejì ga ní píksẹ́ẹ̀lì 160, ìyẹn ọjà 480. Mo kọ 420 sí B2 àti 480 sí C2, mo sì ṣírò ìyàtọ̀ wọn báyìí:

```
=(C2-B2)/B2
```

Ó fún mi ní 14.3%, ṣùgbọ́n "nǹkan bíi 14%" ni mo kọ. Bí ọwọ́ mi bá yẹ̀ ní píksẹ́ẹ̀lì 2 péré lórí òpó kejì, 480 á di 481, ìdáhùn á sì di 14.5%. Òǹkà tó tẹ̀lé 14 yẹn kò ṣe é fọkàn tán.

Ṣáàtì mìíràn ní oníbàárà tó padà wá ti kúrò ní 40% dé 46%. Tí mo bá kọ "ó fi 6% pọ̀ sí i", ẹni tó ń gbọ́ ọ lè túmọ̀ rẹ̀ sí ohun méjì, torí 6 nínú 40 jẹ́ 15%. Mo kọ ọ́ tán pátá: "láti 40 dé 46 nínú oníbàárà 100."

| Ohun tí a wọ̀n | Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ | Oṣù mẹ́ta kejì | Ìyàtọ̀ |
|---|---|---|---|
| Iye ọjà tí a tà | bíi 420 | bíi 480 | pọ̀ sí i ní bíi 60 (14%) |
| Oníbàárà tó padà wá, nínú 100 | 40 | 46 | pọ̀ sí i ní 6 |

N kò so àpótí méjì pọ̀ níbì kankan nínú àtẹ náà, torí ohùn kọ̀ǹpútà lè ka iye sábẹ́ orí tí kì í ṣe tirẹ̀. Níbi tí sílàìdì ti lo ọfà pupa, mo kọ "dínkù".