Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan ní Sípáníìṣì, ọ̀sán kan gbáko ló gbà mí

Tísà wa ní kí kálukú sọ̀rọ̀ nípa ẹbí ẹ̀ àti nǹkan tó máa ń ṣe tí ọwọ́ ẹ̀ bá dilẹ̀, kó gbà á sórí fóònù, kó fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù kó tó di Mọ́ńdè. Ìṣẹ́jú kan, kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú kan àbọ̀, a ò sì gbọdọ̀ máa kà á látinú ìwé.

Mo kọ́kọ́ kọ ọ́ ní Yorùbá, mo wá ń yí i padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. "Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí", mo kọ "soy veintidós años". Ẹ̀gbọ́n kan tó ti ṣíwájú wa nínú kíláàsì náà ní rárá o, ní Sípáníìṣì èèyàn máa ń NÍ ọdún ni, "tengo veintidós años". Ó tún ní kí n má gbàgbé àmì orí n yẹn, bíi "ny" ni wọ́n ń pè é, torí tí mo bá sọ "anos" lásán, mo ti sọ fún tísà pé mo ní ihò ìdí méjìlélógún. Mo rẹ́rìn-ín títí omi jáde lójú mi.

Ti àwọn ọmọ ìyá mi ò le, àmọ́ ó ṣe mí bákan. Àwa kàn máa ń sọ pé ẹ̀gbọ́n, àbúrò, kò sí ẹni tó ń béèrè bóyá ọkùnrin ni àbí obìnrin, àwọn tó ń sọ Sípáníìṣì kọ́kọ́ fẹ́ mọ ìyẹn ná: hermana ni obìnrin, hermano ni ọkùnrin, tó bá wá dàpọ̀, hermanos. Tó o bá fẹ́ sọ pé ó jù ẹ́ lọ, wàá fi mayor sí i, ìyẹn tó kéré sí ẹ, menor. Tèmi wá di "tengo tres hermanos: una hermana mayor y dos hermanos menores". H yẹn ò ní ohùn rárá, má pè é.

Níbi nǹkan tí mo fẹ́ràn, mo kọ "yo gusto cocinar", torí "mo fẹ́ràn" ló wà lórí mi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo pa "mo fẹ́ràn" tì, tí mo mú "ó máa ń wù mí", ló yé mi kedere. Me gusta cocinar, oúnjẹ sísè máa ń wù mí, "mi" yẹn náà ni "me", nǹkan yẹn ló ń ṣe mí, kì í ṣe èmi ni mò ń ṣe é. Tí nǹkan náà bá wá pọ̀, gusta á di gustan: me gustan las películas, fíìmù máa ń wù mí. Àmọ́ tó bá jẹ́ iṣẹ́ ṣíṣe, kódà kó jẹ́ méjì, gusta náà ni, "me gusta cocinar y bailar", oúnjẹ sísè àti ijó jíjó máa ń wù mí. Ẹ wò ó, Yorùbá ni mo fi gbọ́ Sípáníìṣì, mi ò fi Òyìnbó gbọ́ ọ.

Ó wá ku gbígba ohùn. Mo jókòó sí bálíkónì wa ní Ìjàpò, ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bo ohùn mi mọ́lẹ̀. Mo wọ yàrá, mo ti wíńdò, mo gbé fóònù lé pílò, mo fi tó ìbú ọwọ́ kan jìn sí ẹnu mi kí èémí má baà máa lù ú. Bébà kékeré kan ló wà lọ́wọ́ mi, ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ló wà lórí ẹ̀, kí n má baà máa kà. Àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú àáyá méjìdínlógójì, mo sáré bíi ẹni tí ajá ń lé. Ẹ̀ẹ̀kejì, mo ń mí lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ó tó ìṣẹ́jú kan. Mo wá tún un gbọ́, ni mo gbọ́ ara mi tó ń sọ pé "mi papa es mecánico". Papá ni bàbá, ìparí ni ohùn ti ń wúwo, papa tó bá wúwo níwájú, pòtétò ni. Èmi ọmọ Àkúrẹ́ tó mọ̀ pé ọkọ̀ kì í ṣe ọkọ, mo pe bàbá mi ní pòtétò tó ń ṣe mẹkáníìkì.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo fi ránṣẹ́. Mọ́mì tí wọ́n ń gba ẹnu ọ̀nà kọjá gbọ́ "mi madre vende ñame", wọ́n dúró, wọ́n ní kí ni mò ń sọ nípa àwọn. Mo ní iṣu ni ñame, pé mo ní wọ́n ń tà á. Wọ́n ní, "Ṣé o sọ fún wọn pé Ọjà Ọba ni mo ti ń tà á?"