Àṣìṣe tó ń ba ìṣirò hái-lo jẹ́: oṣù tí iṣẹ́ pọ̀ jù ni kẹ́ ẹ wò, kì í ṣe oṣù tí owó pọ̀ jù

Ní ilé iṣẹ́ píọ̀ wọ́tà, apá kan wà nínú owó iná tí ẹ ó san bóyá omi jáde tàbí kò jáde: owó tí ẹ fi háyà jẹnẹrétọ̀ lóṣooṣù, owó oṣù ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, iná tí gílóòbù ọgbà ń jẹ lóru. Apá kejì ń tẹ̀ lé iye àpò tí ẹ ṣe, nítorí bí ẹ̀rọ tó ń fa omi àti èyí tó ń lẹ ọ̀rá bá ṣe ń ṣiṣẹ́ tó ni wọ́n ṣe ń jẹ iná àti dísù. Àmọ́ nínú ìwé ìnáwó, gbogbo rẹ̀ wà lójú kan náà, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé “iná”, ó parí. Ìnáwó àdàlù nìyẹn.

Ọ̀nà tí àwọn akáńtáǹtì ń pè ní hái-lo ni wọ́n fi ń ya apá méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹ ó mú oṣù tí iṣẹ́ pọ̀ jù àti oṣù tí iṣẹ́ kéré jù, ẹ ó yọ ìnáwó ọ̀kan kúrò lára èkejì. Níwọ̀n bí apá tí kì í yí padà ti rí bákan náà nínú oṣù méjèèjì, yóò pòórá nígbà tí ẹ bá yọ ọ́. Ohun tó ṣẹ́ kù jẹ́ ti àpò nìkan. Ìṣirò ọmọ iléèwé ni, ìdí nìyẹn tí a fi ń ṣe é láìronú, tí a sì ń ṣì í.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé iṣẹ́ kékeré kan ṣe àpẹẹrẹ. Oṣù méje nìyí, iye àpò tí wọ́n ṣe àti owó iná wọn:

| Oṣù | Àpò | Owó iná (₦) |
|---|---|---|
| Kìn-ín-ní | 18,000 | 1,205,000 |
| Kejì | 22,000 | 1,352,000 |
| Kẹta | 26,000 | 1,574,000 |
| Kẹrin | 28,000 | 1,640,000 |
| Karùn-ún | 24,000 | 1,720,000 |
| Kẹfà | 12,000 | 920,000 |
| Keje | 4,000 | 1,040,000 |

Ojú tó bá kọ́kọ́ wo tábìlì yìí, ₦1,720,000 ló máa bá pàdé. Òun ló tóbi jù, ₦920,000 ló sì kéré jù. Ẹni tó bá mú méjèèjì yóò yọ ₦920,000 kúrò lára ₦1,720,000, yóò rí ₦800,000. Yóò fi 12,000 àpò tó wà láàárín wọn pín in, yóò sì sọ pé ₦66.67 ni iná ń jẹ lórí àpò kan, pé ₦120,000 péré ni kì í yí padà.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù lọ nìyẹn, èmi náà sì ti ṣe é rí. Orúkọ ọ̀nà yìí ló ń tan ni: a gbọ́ “hái”, owó ló wá sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n àpò ló ń fa owó, owó kọ́ ló ń fa àpò. Nítorí náà, ìlà àpò ni a ti ń yan oṣù, owó tó bá wà níwájú oṣù náà la ó sì gbà, bó ti wù kó rí. Ní Oṣù Karùn-ún yìí, jẹnẹrétọ̀ ló bàjẹ́, wọ́n sì kọ ₦260,000 tí wọ́n fi tún un ṣe mọ́ owó iná. Owó yẹn kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú bóyá àpò 24,000 ni wọ́n ṣe tàbí 14,000.

Ẹ́ksẹ́lì náà máa ń bá wa dá kún àṣìṣe yìí. Ọ̀pọ̀ a kàn kọ `=MAX(C2:C8)` sí ìlà owó, wọ́n á lọ. Bí àpò bá wà ní ìlà B tí owó sì wà ní ìlà C, èyí ló yẹ kí ẹ kọ fún òkè:

```
=INDEX(C2:C8, MATCH(MAX(B2:B8), B2:B8, 0))
```

Yóò wá oṣù tí àpò ti pọ̀ jù, yóò sì mú owó oṣù yẹn gan-an wá. Fún ìsàlẹ̀, ẹ fi `MIN` rọ́pò `MAX`.

Àmọ́ bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ lórí tábìlì wa, Oṣù Keje ni yóò gbé jáde fún ìsàlẹ̀, kòtò kejì sì nìyẹn. Àpò 4,000 péré ni wọ́n ṣe ní oṣù yẹn, nítorí mọ́tò tó ń fa omi láti inú bọ́hóòlù jóná. Iṣẹ́ dúró fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n sì ra mọ́tò tuntun ní ₦480,000, tí òun náà wọ inú owó iná. Ẹ fi Oṣù Kẹrin àti Oṣù Keje ṣe ìṣirò náà: ₦1,640,000 yọ ₦1,040,000 jẹ́ ₦600,000, ẹ fi 24,000 àpò pín in, ₦25 ni. Ìnáwó tí kì í yí padà á wá di ₦940,000. Ẹ wo bí àbájáde ṣe yàtọ̀ pátápátá sí ti àkọ́kọ́, láti inú ìwé kan náà.

Hái-lo kì í wo oṣù tó wà láàárín rárá. Oṣù méjì nìkan ló gbé gbogbo ìṣirò náà rù, eteetí ni méjèèjì sì wà, níbi tí nǹkan àrà ọ̀tọ̀ ti máa ń ṣẹlẹ̀. Oṣù tí iṣẹ́ kéré jù sábà máa ń jẹ́ oṣù tí nǹkan bàjẹ́, èyí tó pọ̀ jù sì lè jẹ́ oṣù ọdún, tí wọ́n háyà jẹnẹrétọ̀ kejì fún oṣù kan ṣoṣo. Ẹ bi ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù náà kí ẹ tó fọwọ́ kan kalikulétọ̀. Akọ̀wé lè má rántí, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀ kò ní gbàgbé.

Nígbà tí a bá yọ Oṣù Keje kúrò, Oṣù Kẹfà ló di ìsàlẹ̀. Òjò ni kò jẹ́ kí omi tà, nǹkan kan kò bàjẹ́. ₦1,640,000 yọ ₦920,000 jẹ́ ₦720,000. Àpò 28,000 yọ 12,000 jẹ́ 16,000. ₦45 ló kan àpò kan.

Láti rí èyí tí kì í yí padà, ẹ padà sí ọ̀kan nínú oṣù méjèèjì: 28,000 lọ́nà ₦45 jẹ́ ₦1,260,000, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ₦1,640,000, ó ku ₦380,000. Ẹ ṣe é fún Oṣù Kẹfà náà, 12,000 lọ́nà ₦45 jẹ́ ₦540,000, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ₦920,000, ₦380,000 náà ni. Bí iye méjèèjì kò bá dọ́gba, ẹ ti ṣì í níbì kan nínú ìṣirò, tàbí kẹ̀ ẹ ti mú àpò oṣù kan mọ́ owó oṣù mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ má fi dídọ́gba yẹn yangàn o. Ìṣirò àkọ́kọ́ tó fún wa ní ₦66.67 náà dọ́gba. Ohun tó ń fi hàn kò ju pé ẹ yọ dáadáa, ẹ sì pín dáadáa.

Oṣù tí ẹ kò lò ni ẹlẹ́rìí gidi. Bí ₦380,000 àti ₦45 bá jẹ́ òótọ́, Oṣù Kìn-ín-ní yẹ kó ná wa ní ₦1,190,000. ₦1,205,000 ló ná wa, ìyàtọ̀ ₦15,000. Oṣù Kejì dín ní ₦18,000, Oṣù Kẹta lé ní ₦24,000. Ìyẹn kò burú. Oṣù Karùn-ún fi ₦260,000 lé, a sì mọ ibi tó ti wá. Tí ẹ bá fẹ́ kí gbogbo oṣù márààrún tó dára sọ̀rọ̀, ẹ yọ Oṣù Karùn-ún àti Oṣù Keje kúrò, kí ẹ lo `SLOPE` àti `INTERCEPT` nínú Ẹ́ksẹ́lì. Nǹkan bí ₦45.32 lórí àpò kan àti ₦377,400 ni yóò fún yín. Nígbà tí ọ̀nà méjèèjì bá sún mọ́ ara wọn báyìí, ọkàn mi a balẹ̀. Nígbà tí wọn kò bá sún mọ́ra, hái-lo ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí.

Àṣìṣe kan tún wà tó jẹ́ pé ní Nàìjíríà, kò sẹ́ni tó lè sá fún un: iye owó tó ń yí padà láàárín ọdún. Ní Oṣù Kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC gbé owó iná àwọn tó wà ní Báǹdì A kúrò ní ₦68 lọ sí ₦225 fún kìlówáàtì wákàtí kan. Bí oṣù ìsàlẹ̀ yín bá wà ṣáájú àkókò yẹn, tí ti òkè sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ìyàtọ̀ owó tí ẹ rí kì í ṣe ti àpò nìkan mọ́, ọ̀wọ́n ti wọ inú rẹ̀. Owó orí àpò yóò wú ju bó ṣe yẹ lọ, èyí tí kì í yí padà yóò sì rù, ó tiẹ̀ lè bọ́ sísàlẹ̀ òdo. Bí ẹ bá rí ìnáwó tí kì í yí padà tó kéré ju òdo lọ, ẹ dá ìṣirò dúró, kí ẹ lọ wo ọjọ́.

Èmi kì í fi náírà ṣe é mọ́ ní irú ọdún bẹ́ẹ̀. Kìlówáàtì wákàtí tí mítà kà àti lítà dísù tí wọ́n lò ni mo máa ń fi hái-lo pín sí méjì, n ó wá fi iye tí wọ́n ń tà á lónìí sọ ọ́ di owó. Àpò kan kì í jẹ iná ju ti àtẹ̀yìnwá lọ nítorí pé iná wọ́n.

Ọjọ́ tí ẹ sanwó náà lè da nǹkan rú. Ẹni tó ra dísù dúrọ́ọ̀mù méjì ní ọjọ́ 29, tó sì lò ó ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ti fi owó oṣù kan gbé iṣẹ́ oṣù mìíràn. Bákan náà ni iná tí a kó sínú mítà kí oṣù tó parí. Ẹ ka ohun tó wà nílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, ẹ fi ohun tí ẹ rà kún un, kí ẹ wá yọ ohun tó ṣẹ́ kù ní ìparí oṣù.

Nípa ₦380,000 yẹn: àwọn kan ń kà á sí owó tí wọ́n máa ná bí wọ́n bá ti ilé iṣẹ́ pa fún oṣù kan. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárín àpò 12,000 sí 28,000 ni a ti rí i, ibẹ̀ nìkan la mọ̀. Bí ẹ bá ti ilé pa, ẹ lè dá jẹnẹrétọ̀ tí ẹ háyà padà, kí iye náà dín. Bí ẹ bá sì fẹ́ ṣe àpò 45,000, jẹnẹrétọ̀ kan lè má tó mọ́, owó háyà á sì di méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tí kò sí nínú oṣù kankan tí a fi ṣírò.