Àṣìṣe tó ń mú kí èèyàn sanwó ojúlówó fún ayédèrú kánfáàsì àti báàgì

Ẹni tó bá fẹ́ ra kánfáàsì Nike lórí Instagram tàbí Jiji sábà máa ń ní kí wọ́n fi fọ́tò bàtà náà ránṣẹ́, kí wọ́n sì ya páálí rẹ̀ mọ́ ọn. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Fọ́tò tó mọ́ kedere yẹn lè jẹ́ èyí tí wọ́n wà jáde lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ Nike fúnra rẹ̀, kó má sì jọ bàtà tí wọ́n máa gbé wá fún yín rárá. Páálí ńkọ́? Kò sí ohun tó rọrùn láti ṣe ní ayédèrú tó o, rìsíìtì sì ń tẹ̀ lé e. Tí ẹni tó ń tà bá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo páálí rẹ̀, ẹ wo rìsíìtì rẹ̀, ojúlówó ni," ẹ mọ̀ pé kò tíì fi bàtà hàn yín.

Táàgì kékeré tó wà nínú bàtà, lábẹ́ ahọ́n rẹ̀, ni kí ẹ béèrè. Ẹ ní kí wọ́n ya ti ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì, kí wọ́n ya èyí tó wà lára páálí náà, kí wọ́n sì fi ọwọ́ kọ orúkọ yín àti déètì òní sí bébà kan tí wọ́n máa gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà nínú fọ́tò náà. Ẹni tí bàtà wà lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́ kò nílò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ láti ṣe é. Ẹni tó bá ń bínú, tó ń sọ pé àwọn oníbàárà mìíràn kì í dààmú òun báyìí, ẹ fi í sílẹ̀ kó máa bá wọn lọ.

Ká mú Air Force 1 funfun báláú, èyí tí gbogbo ọ̀dọ́ ń wọ̀. Lára táàgì rẹ̀, ẹ óò rí kóòdù kan tó ní lẹ́tà tàbí nọ́ńbà tí àpapọ̀ wọn jẹ́ mẹ́fà, àmì dáàṣì kan, àti nọ́ńbà mẹ́ta. Ti èyí tí ọkùnrin ń wọ̀ ni `CW2288-111`; àwọn tó ti pẹ́ díẹ̀ ní `315122-111`. Nọ́ńbà mẹ́ta ẹ̀yìn yẹn ló ń sọ àwọ̀ bàtà. `CW2288-001` ni ti dúdú, nítorí náà bàtà funfun tí táàgì rẹ̀ parí sí 001 ti tú ara rẹ̀ fó. Ẹ tẹ kóòdù tí ẹ rí sínú Google. Tó bá jẹ́ bàtà mìíràn tàbí àwọ̀ mìíràn ló gbé jáde, ẹ má wulẹ̀ dúnàádúrà mọ́. Kóòdù ara páálí náà gbọ́dọ̀ bá ti inú bàtà mu.

Ẹ tún wo ìlà tí wọ́n kọ ìwọ̀n sí. Nínú bàtà Nike ti ọkùnrin, EUR 42.5 ló ń bá US 9, UK 8 àti 27 cm rìn. EUR 43 ń bá US 9.5, UK 8.5 àti 27.5 cm rìn. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú lè tẹ EUR 43 kí wọ́n fi US 9 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, torí nọ́ńbà Yúróòpù nìkan ni oníbàárà wọn máa ń wò. Àwa náà, tí a bá ti rí 43, ó ti tán.

Àmọ́ ibi tí àwọn tó gbọ́n díẹ̀ ti ń kó sí wàhálà ni pé, bí kóòdù bá ti bá bàtà mu, wọ́n á ní ojúlówó ni. Rárá o. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún bàtà ló ń jẹ́ `CW2288-111`, ẹni tó bá sì ra ojúlówó ẹyọ kan lè da táàgì rẹ̀ kọ sára ẹgbẹ̀rún ayédèrú. Táàgì tí kò bá mu jẹ́ ẹ̀rí pé ayédèrú ni. Èyí tó mu kò jẹ́ ẹ̀rí ohunkóhun, ó kàn gbà yín láyè láti yẹ nǹkan mìíràn wò ni.

Nǹkan mìíràn yẹn ni iye owó. Nǹkan bíi dọ́là 115 ni wọ́n ti ń ta Air Force 1 tuntun ní Amẹ́ríkà. Tí a bá ṣírò dọ́là kan ní náírà 1,500, ó ju náírà 170,000 lọ, a ò tíì san owó ọkọ̀ tó gbé e wá. Nígbà tí ẹnì kan bá wá ń ta tuntun ní náírà 45,000, tó ní láti ìwọ̀n 40 dé 45 pátá ló wà nílẹ̀, ẹ má gbà á gbọ́ pé ọ̀rẹ́ òun ló ń kó o jáde ní fáktírì. Bí ẹ bá sì rí "AAA", "1:1" tàbí "mirror" nínú ohun tó kọ, òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́wọ́, torí ojúlówó kì í ní ìpele. Ọ̀rọ̀ òkìríkà yàtọ̀ o. Ojúlówó tí wọ́n ti wọ̀ rí lè jáde nínú béèlì ní Kàtángúà ní owó tó kéré gan-an, ọwọ́ àti ojú ni wọ́n sì fi ń yẹ ìyẹn wò.

Báàgì ní tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú Louis Vuitton, torí òun ni mo rò pé irọ́ pọ̀ lórí rẹ̀ jù. Ilé iṣẹ́ náà kì í ta báàgì rẹ̀ ní ẹ̀dínwó, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti ìkànnì rẹ̀ nìkan ló sì ti ń ta tuntun. Kì í fi káàdì ẹ̀rí ojúlówó sínú báàgì. Nítorí náà, káàdì aláwọ̀ wúrà tí àǹtí tó ń tà á ń fi yangàn yẹn, ohun tó yẹ kó lé yín sá ni.

Kóòdù inú báàgì náà ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà, wọ́n rò pé nọ́ńbà ìdánimọ̀ ni. Ibi àti ìgbà tí wọ́n rán báàgì ló ń sọ. Láti 2007, lẹ́tà méjì àti nọ́ńbà mẹ́rin ni. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ rí CA4129. CA jẹ́ fáktírì kan ní Sípéènì. Nọ́ńbà kìíní àti ìkẹta, 42, ni ọ̀sẹ̀. Ìkejì àti ìkẹrin, 19, ni ọdún. Ọ̀sẹ̀ kejìlélógójì ọdún 2019 nìyẹn. Tí wọ́n bá tẹ "made in Italy" sára awọ rẹ̀, tàbí tí ẹni tó ń tà á bá ní ọkọ òun ló rà á wálé ní 2017, ọ̀rọ̀ ti já. Láti oṣù kẹta 2021, ilé iṣẹ́ náà ti fi ṣíìpù tí a kì í fi ojú rí rọ́pò kóòdù yìí. Ẹni tó bá ń ta "tuntun ti 2023" tó ní kóòdù nínú ń purọ́, báàgì tuntun tí kò sì ní kóòdù kò tìtorí ìyẹn di ayédèrú.

Àṣìṣe kan tún wà tó ń mú kí èèyàn kọ ojúlówó sílẹ̀. Ẹyọ aṣọ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń ṣe ara Speedy alámì LV, ó ká gba abẹ́ báàgì kọjá sí òdì kejì. Nítorí náà, àmì LV máa ń dorí kodò ní ẹ̀gbẹ́ kan. Speedy irú èyí tí LV dúró ṣánṣán ní iwájú àti ẹ̀yìn ló yẹ kí ẹ fura sí.

Ní ti owó, àṣìṣe tó ń bo gbogbo èyí mọ́lẹ̀ ni kí èèyàn ṣe tiransífà kó tó rí ọjà. Jiji fúnra rẹ̀ ń kìlọ̀ pé kí ẹ má san owó ṣáájú, títí kan owó ìgbéwá. Ẹ pàdé ẹni náà níbi tí èrò wà, ní ọ̀sán. Ẹ ṣí ahọ́n bàtà, ẹ fi táàgì wé fọ́tò tó fi ránṣẹ́, ẹ yẹ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì báàgì wò, kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà àṣírí báńkì yín. Tó bá jẹ́ dìsípáàṣì ló ń gbé e bọ̀, ẹ bá ẹni tó ń tà á ṣe àdéhùn lórí WhatsApp, ní kíkọ, pé ẹ óò yẹ ọjà wò lójú ẹni tó gbé e wá kí ẹ tó sanwó, àti pé bí táàgì bá yàtọ̀ sí ti fọ́tò, ọjà ń padà lọ. Bó bá kọ̀ láti kọ ọ́, ẹ má jẹ́ kó gbé e wá.