Ẹrẹ̀ dúdú tí wọ́n kó kúrò lórí iyanrìn: àwọn àṣìṣe tó ń sọ ilẹ̀ di aṣálẹ̀

Àwọn tó ń wa iyanrìn ní etí ọ̀sà Ìkòròdú kì í ṣàdédé bá iyanrìn. Ẹrẹ̀ dúdú tí gbòǹgbò àti ewé ti jẹrà sí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kó kúrò, wọ́n á sì dà á jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tí wọ́n bá lọ tán, ẹnìkan á ra ibẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú, á ní òun fẹ́ dáko.

Àṣìṣe tó burú jù ni kí o wọn pH ẹrẹ̀ yìí, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí ásíìdì inú ilẹ̀ ṣe pọ̀ tó, tó máa ń já wálẹ̀ bí ásíìdì bá ń pọ̀ sí i, nígbà tó ṣì tutù, kí o sì gba ohun tí o rí gbọ́. Èmi náà ti ṣe é rí. Bọ̀ọ̀dá kan ní Báyékù pè mí wá wo pulọ́ọ̀tì rẹ̀. Mo ki ẹ̀rọ bọ ẹrẹ̀, ó kọ 6.4, mo ní kó da àpò mẹ́fà láìmù, ìyẹn òkúta ẹfun tí wọ́n lọ̀, sí i, kó gbin àgbàdo. Lẹ́yìn ẹ̀rùn, pH ti já sí 3.2. Àgbàdo ò ga ju orúnkún lọ, gbòǹgbò rẹ̀ kúkurú, ó nípọn, ó dà bí èyí tí iná rà. Bọ̀ọ̀dá ò bú mi, àmọ́ ojú tì mí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé irin àti imí-ọjọ́ ti so pọ̀ nínú ẹrẹ̀ náà, èyí tí wọ́n ń pè ní páírátì. Lábẹ́ omi, kò ṣe nǹkan kan. Ọjọ́ tí atẹ́gùn bá kàn án ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í di ásíìdì, yóò sì máa bá a lọ fún oṣù tàbí ọdún. Tí o bá rí ibi tó pọ́n bí gààrí tí wọ́n fi epo díẹ̀ sí nínú ojú lílà ilẹ̀ náà, tàbí omi gọ́tà rẹ̀ tó mọ́ gaara lójijì, má yọ̀. Alumíníọ́mù tí ásíìdì tú jáde ló mú kí amọ̀ inú omi náà rọ̀ sísàlẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni kí o wọn ilẹ̀. Tẹ́ ẹrẹ̀ náà pẹlẹbẹ sínú abọ́, kó má nípọn ju ìka kan lọ. Jẹ́ kó máa rin díẹ̀, kó má gbẹ pátápátá, kó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Tí pH bá já sí 4 tàbí kò tó bẹ́ẹ̀, ásíìdì ti fara pamọ́ síbẹ̀. Láábù tún lè fi haidirojíìnì pẹrọ́síìdì yára dá a mọ̀, ṣùgbọ́n má dán ìyẹn wò nílé, ó máa ń hó, ó sì ń jó ara. Má sì bu ti òkè nìkan, òjò ti fọ ibẹ̀. Gbẹ́ ẹ dé ìgbọ̀nwọ́ kan, kí o bu ìpele kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Àṣìṣe tó tẹ̀ lé e ni láti fi pH ra láìmù. Imí-ọjọ́ tó wà nínú ilẹ̀ ni ká fi rà á. Pulọ́ọ̀tì 60 sí 120 ẹsẹ̀ bàtà, tí a bá fẹ́ pò ó dé sẹ̀ǹtímítà 15, jẹ́ nǹkan bí tọ́ọ̀nù 100. Ti bọ̀ọ̀dá, láábù rí páírátì tó ní imí-ọjọ́ 0.8%, ìyẹn kílò 800. Kílò imí-ọjọ́ kan ń fẹ́ kílò òkúta ẹfun mẹ́ta ó lé díẹ̀. Ìyẹn jẹ́ kílò 2,500, àpò 50 tó wúwo kílò 50. Níwọ̀n bí lílọ̀ rẹ̀ kì í pé, tí pípò rẹ̀ kì í dọ́gba, a fi ìdajì lé e, ó di àpò 75. Ẹ̀yin náà ẹ fi wé àpò mẹ́fà mi! Ìkarahun ọ̀sà dára, àmọ́ ẹ lọ̀ ọ́ kúnná. Tí ó bá tóbi, ìpẹtà irin á bò ó lára, kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa máa ń ran ilẹ̀ lọ́wọ́, kò lè rọ́pò láìmù.

Ní ti irin olóró, iye gbogbo tó wà nínú ilẹ̀ kọ́ ló ń pa ọ̀gbìn, èyí tó ń tú sínú omi ni. Ẹ ní kí láábù wọn méjèèjì. Tí pH bá ti ga ju 5.5 lọ, alumíníọ́mù á há. Òjé àti kádíọ́mù á dínkù, wọn kò ní tán. Nítorí èyí, má fi tẹ̀tẹ̀ tàbí ewédú ṣe ọ̀gbìn àkọ́kọ́, ewé ló ń fa kádíọ́mù jù, inú ìkòkò ló sì ń já sí.

Koríko fẹtífà ni mo fi bo ti bọ̀ọ̀dá, nítorí ó lè gbé ní pH tó kéré gan-an, gbòǹgbò rẹ̀ sì ń di òkìtì mú. Ẹ̀wà àti àwọn ẹbí rẹ̀ kò tíì lè wọlé, nítorí àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń ran gbòǹgbò wọn lọ́wọ́ kì í fẹ́ràn ibi tí pH kò tó 5. Èkan tó hù fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé ilẹ̀ ti sàn, ó máa ń hù níbi tí ilẹ̀ kò dára. Apá ìsàlẹ̀ pulọ́ọ̀tì náà ṣì wà lábẹ́ omi, mo sì ti ní kó má fa omi ibẹ̀ kúrò.