Bí mo ṣe kọ̀ láti ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí kọ́sítọ́mà ò sì sá lọ

Péèjì márùn-ún la kọ sínú àdéhùn wẹ́bsáìtì tí mò ń ṣe fún kọ́sítọ́mà kan, àfi bí kọ́sítọ́mà náà ṣe ní kí n bá òun fi méjì sí i, pé kékeré ṣáà ni. Mi ò jà o, ímeèlì ni mo fi ránṣẹ́:

“Ẹ ṣé, péèjì méjèèjì máa wúlò lóòótọ́. Márùn-ún ló wà nínú owó tá a jọ sọ. Ṣé kí n fi iye tí méjì yìí máa jẹ́ ránṣẹ́, àbí ká fi wọ́n rọ́pò méjì tí mi ò tíì bẹ̀rẹ̀?”

Ibi tí mo ti ní ká fi rọ́pò yẹn ló ṣiṣẹ́ jù, torí òun fúnra ẹ̀ ló mú èyí tó wù ú. Ó fi ọ̀kan rọ́pò, ó sanwó ìkejì. Mi ò sì fọwọ́ kan nǹkan kan títí tó fi kọ̀wé pé òun gbà, torí téèyàn bá ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú, ọ̀fẹ́ ni wọ́n máa kà á sí.