Ibi tí ìlà méjì ti lọ́ mọ́ra wọn

Àbúrò mi kan ló kọ́kọ́ fi àwòrán bí iye ọjà ìpín ilé-iṣẹ́ ṣe ń lọ sókè sódò hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Ìlà búlúù wà níbẹ̀, ìlà pupa náà wà níbẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, tí búlúù bá ti gòkè kọjá pupa, ẹ rà. Tó bá já sísàlẹ̀ pupa, ẹ tà. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.” Àwòrán náà dùn ún wò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí ọjà ti gùn gbọọrọ nìkan ló ń fìka tọ́ka sí. Tó bá dé ibi tí ìlà méjèèjì ti lọ́ mọ́ra wọn bí okùn, ṣe ló máa ń yára fi àtàǹpàkò tì í kọjá. Ibẹ̀ gan-an ni ọkàn mi dúró sí, mo bá lọ dán an wò fúnra mi.

Kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ìlà wọ̀nyí jẹ́. Ẹ mú iye tí ọjà fi parí lójoojúmọ́, ẹ ro ti ọjọ́ 50 tó kẹ́yìn pọ̀, kí ẹ fi 50 pín in. Tó bá di ọ̀la, ẹ ju ti ọjọ́ tó pẹ́ jù nù, ẹ fi ti ọ̀la kún un, ẹ tún un pín. Ìpíndọ́gba tó ń sún nìyẹn, àwọn oníṣòwò ń pè é ní múúfìn áfárèèjì. Ìlà búlúù jẹ́ ti ọjọ́ 50, pupa jẹ́ ti ọjọ́ 200.

Kò sí èyí tó ń sọ iye òní nínú àwọn méjèèjì. Nígbà tí ọjà bá ń gòkè déédéé, ìpíndọ́gba ọjọ́ 50 máa ń wà níbi tí ọjà wà ní nǹkan bí ọjọ́ 25 sẹ́yìn, torí pé àárín ọjọ́ 50 náà nìyẹn. Ti ọjọ́ 200 máa ń wà níbi tó wà ní nǹkan bí ọjọ́ 100 sẹ́yìn. Nítorí náà, tí búlúù bá ga ju pupa, ohun tó ń sọ ni pé ọjà bí oṣù kan sẹ́yìn ga ju ti bí oṣù márùn-ún sẹ́yìn, nígbà tó jẹ́ pé ọjọ́ ọjà nìkan là ń kà. Ẹni tó bá rà lórí ọ̀rọ̀ yìí ń ta tẹ́tẹ́ pé ohun tó ti ń lọ yóò ṣì máa lọ.

S&P 500, òǹkà tó ń ṣàkópọ̀ iye ìpín àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá bí 500 ní Amẹ́ríkà, ni mo lò, torí pé iye rẹ̀ àtijọ́ rọrùn láti rí. Mo ṣí Google Sheets, mo tẹ èyí sínú A1:

```
=GOOGLEFINANCE("INDEXSP:.INX","close",DATE(2014,1,1),DATE(2016,12,31),"DAILY")
```

Ọjọ́ bọ́ sí òpó A, iye bọ́ sí òpó B. Àkọlé ló gba ìlà kìíní ṣíìtì náà, nítorí náà láti ìlà 201 ni ọjọ́ 200 ti pé, mo bá kọ ìwọ̀nyí síbẹ̀, mo sì fà wọ́n sísàlẹ̀:

```
C201: =AVERAGE(B152:B201)
D201: =AVERAGE(B2:B201)
E201: =IF(C201>D201,1,0)
F202: =E201*(B202/B201-1)
```

E ń sọ bóyá ó yẹ kí ọjà wà lọ́wọ́ wa, F ń sọ èrè ọjọ́ náà. Mo ṣe àṣìṣe kan níbí lákọ̀ọ́kọ́: E202 ni mo kọ sínú F202 dípò E201. Èrè tó jáde dára ju bó ṣe yẹ lọ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pe àbúrò mi láti tọrọ àforíjì, kí n tó rí i pé iye ìrọ̀lẹ́ ni mo fi ń pinnu ohun tí mo ti rà láti ìrọ̀lẹ́ àná. Ẹni tó mọ ẹni tó máa borí kò ta tẹ́tẹ́.

Mo kọ́kọ́ yí ọjọ́ padà sí ìgbà tí ọjà Amẹ́ríkà wó. Búlúù já sísàlẹ̀ pupa nínú oṣù kejìlá ọdún 2007, nígbà tí S&P wà nítòsí 1,480. Kò gòkè padà títí di oṣù kẹfà ọdún 2009, nítòsí 900. Láàárín ìgbà yẹn, ọjà ti dé 676 nínú oṣù kẹta ọdún 2009. Ẹni tó tẹ̀lé ìlà náà wà níta ní gbogbo àsìkò ìjì yẹn. Àbúrò mi kò purọ́.

Lẹ́yìn náà ni mo padà sí ọdún 2015, ọdún tí ọjà bẹ̀rẹ̀ nítòsí 2,059 tó sì parí nítòsí 2,044. Ìparí oṣù kẹjọ ni ìlà ní kí a tà, nítòsí 1,990, lẹ́yìn tí ọjà ti já tán. Oṣù kejìlá ló ní kí a rà padà, ọjà sì ti kọjá 2,000. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, nínú oṣù kìíní 2016, ó tún ní kí a tà nítòsí 1,920. Ìparí oṣù kẹrin ló tó ní kí a rà, nítòsí 2,090. Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ láti oṣù kẹjọ yẹn jèrè bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó ń sáré tẹ̀lé ìlà pàdánù tó bẹ́ẹ̀.

Mo fẹ́ mọ̀ bóyá oríire burúkú ni, àbí ó wà nínú ìṣirò gan-an. Mo bá dá ọjà kékeré kan sílẹ̀ fúnra mi tí kò lọ síbì kankan: 100, 102, 104, 102, 100, 98, 96, 98, kó tún bẹ̀rẹ̀ padà ní 100. Mo lo ìpíndọ́gba ọjọ́ 3 àti ti ọjọ́ 5. Lọ́jọ́ kẹfà, ti ọjọ́ 3 di 100, ti ọjọ́ 5 sì jẹ́ 101.2: tà, ní 98. Lọ́jọ́ kẹwàá, ti ọjọ́ 3 jẹ́ 100, ti ọjọ́ 5 di 98.8: rà, ní 102. Lọ́jọ́ kẹrìnlá: tà, ní 98. Náírà mẹ́rin ń lọ ní gbogbo ìyípo, láìtíì ka owó alágbàtà. Tí ẹ bá dúró di ọjọ́ kejì kí ẹ tó ṣe ohun tí ìlà sọ, 104 lẹ máa rà, 96 lẹ máa tà. Òkè téńté, ìsàlẹ̀ pátápátá. Kì í ṣe oríire burúkú rárá. Kí ìpíndọ́gba tó gbọ́ pé ọjà ti yí padà, ọjà ti ń múra láti yí padà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Àbúrò mi ní ẹ̀rọ ìsẹ́ wà. Kí a má rà àfi tí àlàfo ìlà méjèèjì bá tóbi díẹ̀, kí ìlọ́mọ́ra kéékèèké lè bọ́ sílẹ̀. Mo gbà, mo ní kí àlàfo kọjá 1.5. Àdánù náà di ìlọ́po méjì: ọjọ́ kọkànlá ni àlàfo tó di 2, ọjà sì ti wà ní 104. Tí a bá tún tà nígbà tí àlàfo bá di 2 sí ìsàlẹ̀, 96 ni. Mo gbé e sókè sí 2.5, kò rà nǹkan kan mọ́, àdánù tán.

Inú rẹ̀ dùn, ó rò pé a ti rí i. Mo ní kó fi 2.5 yẹn sórí ọjà tó ń gòkè déédéé ní náírà méjì lójúmọ́, 100, 102, 104, 106, 108, láìdúró. Ó ṣe ìṣirò fún ìgbà díẹ̀. Ti ọjọ́ 3 fi náírà méjì rẹ̀yìn sí ọjà, ti ọjọ́ 5 fi mẹ́rin rẹ̀yìn, àlàfo wọn jẹ́ 2 gééré títí ayé. Ẹ̀rọ ìsẹ́ wa kò rà ọjà yẹn láé.