Nígbà tí oníbàárà kọ "bíi ti ìjọ́sí" tí télọ̀ kò sì rí ìjọ́sí kankan

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni, ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan nítòsí ọjà Atákúmọ̀sà ní Iléṣà. Ọmọ kan gbé ọ̀rá wọlé, àǹkàrá ló wà nínú rẹ̀. Ó ní màmá òun á fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Kò pẹ́ tí Wáàsáàpù fi dún: "Ẹ káàárọ̀. Ẹ bá mi rán an bíi ti ìjọ́sí. Jímọ̀ ni mo fẹ́ ẹ." Télọ̀ ṣí i, ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló bá níbẹ̀. Kò sí àwòrán, kò sí ìwọ̀n, kò sí iye owó.

Ìdáhùn tó máa ń yá lẹ́nu jù ni "Ó ti yé mi mà." Òun náà ló máa ń ba aṣọ jẹ́. Màmá náà á gbà pé gbogbo rẹ̀ ti parí, kò ní wo fóònù mọ́ títí di Jímọ̀, télọ̀ á sì máa fojú inú wá ohun tí kò rí. Bí sísọ́ọ̀sì bá ti kan aṣọ, kò sí àtúnṣe tó ń dá a padà sí odidi.

Kọ́kọ́ tọ́jú aṣọ

Kí ọmọ náà tó lọ, na àǹkàrá náà sílẹ̀ lójú rẹ̀, kí o wọ̀n ọ́n. Bí ó bá jẹ́ yáàdì mẹ́rin, kọ ọ́. Bí ó bá dín ní ìdá mẹ́rin yáàdì, òní ni kí o sọ ọ́. Kọ orúkọ, ọjọ́ àti iye yáàdì sórí ìwé pélébé, fi píìnì mú un mọ́ ọn, kí o sì gbé e sí ibi tí àwọn ọmọṣẹ́ kì í ti í mú aṣọ gé. Iye yáàdì yìí ṣì máa wúlò, nítorí pé aṣọ tí ènìyàn gbé wá máa ń sọ díẹ̀ nínú ohun tó ní lọ́kàn.

Wá ìdí tí ọ̀rọ̀ àtijọ́ kò fi sí

Má lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ níbí. Wo nọ́ńbà náà ná. Bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà tí fóònù rẹ kò mọ̀, ó lè jẹ́ pé màmá náà ti pààrọ̀ síìmù, tí ọ̀rọ̀ yín àtijọ́ ṣì wà lábẹ́ nọ́ńbà àkọ́kọ́. Fi orúkọ rẹ̀ wá a nínú àpótí ìwákiri, kí o sì wo inú `Archived`, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí a ti gbé kúrò lójú máa ń sá sí. Bí nọ́ńbà náà bá ṣàjèjì lóòótọ́, pe èyí tí o mọ̀ tẹ́lẹ̀ kí o gbọ́ ohùn rẹ̀, pàápàá bí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ kan owó tàbí ẹni tó máa wá gba aṣọ.

Lẹ́yìn náà, tẹ orúkọ rẹ̀ lókè, kí o wo `Disappearing messages`. Bí wọ́n bá ti tan án, ọ̀rọ̀ máa ń parẹ́ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 24, ọjọ́ 7 tàbí ọjọ́ 90. Bí o bá sì ti pààrọ̀ fóònù láìdá ohun tó wà nínú ti àkọ́kọ́ sí ìpamọ́, fóònù tuntun kò ní rí i. Ìdí kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í rántí: ó lè jẹ́ pé kò sí ọ̀rọ̀ kankan lórí fóònù rí. Ẹnu ni wọ́n fi bá ọ sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, tàbí ọmọṣẹ́ rẹ ni wọ́n bá sọ ọ́ lórí fóònù tirẹ̀. Bi ọmọṣẹ́ kí o tó bi oníbàárà.

Wá ìjọ́sí níbòmíràn

Ìwé ìwọ̀n ni àkọ́kọ́, lẹ́yìn rẹ̀ àwọn àwòrán inú fóònù, lẹ́yìn náà owó tó wọlé ní báńkì, nítorí pé ọjọ́ àti iye owó máa ń tọ́ka sí iṣẹ́ tí a ṣe. Àpò ègé aṣọ pàápàá lè ràn ọ́ lọ́wọ́.

Ká ní ìwé fi iṣẹ́ méjì hàn fún màmá yìí. Ní oṣù Kejìlá, ìró àti bùbá. Ní oṣù Kẹta, gáùn ọlọ́wọ́ kúkúrú tó ní láínìn, àyà 38, ìdí 44. Èwo ni ìjọ́sí? Gáùn ló kẹ́yìn, yáàdì mẹ́rin sì tó o. Ìró àti bùbá ènìyàn tó sanra níwọ̀nba á fún pọ̀ nínú yáàdì mẹ́rin, pàápàá bí ó bá fẹ́ gèlè mọ́ ọn. Gáùn ló jọ. Ṣùgbọ́n ó jọ ni, kò tíì dájú.

Ìwé ìwọ̀n lè má sọ òtítọ́

Níbí ni iṣẹ́ ti sábà máa ń bàjẹ́, kódà lọ́wọ́ télọ̀ tó ní ìwé tó mọ́. Ìwọ̀n tí a kọ sílẹ̀ ni ti ọjọ́ tí a fi téèpù yí oníbàárà ká. Ṣé aṣọ bá a mu nígbà tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́? Bí ó bá fún un, tí a sì tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sí i, ta ló padà lọ kọ ọ́ sínú ìwé? "Bíi ti ìjọ́sí" lẹ́nu oníbàárà ni aṣọ tó ń wọ̀ báyìí, lẹ́yìn àtúnṣe. Bí o bá rán an látinú ìwé, àṣìṣe àkọ́kọ́ gan-an lo tún máa rán.

Nítorí náà, bẹ̀ ẹ́ kí ó fi gáùn ìjọ́sí ránṣẹ́. Nígbà tó bá dé, fa síípù rẹ̀ sókè, tẹ́ ẹ sórí tábìlì láìnà án, kí o wọ̀n ọ́n láti abíyá kan dé èkejì. Ká ní ó jẹ́ ínǹṣì 20 àti ààbọ̀. Ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 41. Ìwé sọ pé àyà 38, ínǹṣì 2 sì ni ààyè tí télọ̀ yìí máa ń fi sílẹ̀ fún èémí àti ìrìn, tó túmọ̀ sí pé 40 ló yẹ kí gáùn náà jẹ́. Ínǹṣì kan lé. Yí gáùn náà padà sí inú, kí o wo ojú rírán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí o bá rí ìlà ihò abẹ́rẹ́ tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rírán tuntun, a ti tú u sí i nìyẹn. Ìdá mẹ́rin ínǹṣì ní ojú aṣọ kọ̀ọ̀kan, ojú mẹ́rin ló wà, ó sì di ínǹṣì kan. Àyà tó yẹ kí o lò ni 39.

Ṣọ́ra fún ohun kan tó ti mú ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́. 41 yẹn jẹ́ ìwọ̀n aṣọ, kì í ṣe ìwọ̀n ara. Ààyè ti wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá kọ 41 sílẹ̀ bí àyà, tó tún fi 2 kún un, á rán gáùn 43, á sì wú bí àpò. Bákan náà, gáùn àtijọ́ ti fara kan omi lọ́pọ̀ ìgbà, àǹkàrá olówùú tuntun kò tíì sún kì. Rẹ ẹ́ sínú omi, sá a, lọ̀ ọ́, kí o tó gé e, bí oníbàárà bá gbà bẹ́ẹ̀. Bí gáùn ìjọ́sí bá sì jẹ́ aṣọ tó ń nà, ìwọ̀n rẹ̀ kò wúlò fún àǹkàrá rárá. Ara ni kí o tún wọ̀n. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ọmọ tó ń dàgbà, aláboyún, àti ẹnikẹ́ni tí oṣù mẹ́fà ti kọjá láti ìgbà tí o ti wọ̀n ọ́n.

Ìdáhùn tí o máa kọ

Má kọ "Èwo ni ìjọ́sí?" Ohun tó máa padà wá ni "Èyí tí ẹ rán fún mi yẹn," ọjọ́ kan á sì ti lọ. Má sì to ìbéèrè márùn-ún sínú àtẹ̀jíṣẹ́ kan, nítorí èyí tó kẹ́yìn ni wọ́n sábà máa ń dáhùn. Sọ ohun tí o rí, sọ èyí tí o rò pé ó jẹ́, kí oníbàárà lè fi "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "rárá" dáhùn. Fi ọjọ́ tì í. Báyìí:

"Ẹ káàárọ̀ mà. Àǹkàrá yín ti dé, yáàdì mẹ́rin pé. Mo ti pààrọ̀ fóònù, mi ò rí ọ̀rọ̀ wa àtijọ́ mọ́, ẹ má bínú. Nínú ìwé mi, gáùn ọlọ́wọ́ kúkúrú ni mo rán fún yín kẹ́yìn, ní oṣù Kẹta. Ṣé òun ni, mà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi gáùn náà rán ọmọ wá kí n fi wọ̀n. Owó iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ₦7,000 nígbà yẹn, ₦9,000 ni báyìí torí láínìn àti síípù ti gbówó lórí. Bí mo bá gbọ́ yín títí ọ̀la ọ̀sán, ó máa ṣetán ní Jímọ̀. Mi ò ní gé e kí n tó gbọ́ yín."

Bí fóònù kọ́ ló fà á, má sọ pé fóònù ni; sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Gbólóhùn owó yẹn sì ni ó máa ń ti ọ̀pọ̀ télọ̀ lójú láti kọ. Nínú ọkàn oníbàárà, "bíi ti ìjọ́sí" kan iye owó náà, kì í ṣe sítáìlì nìkan. Ìlú tí a ti mọ Òṣómàáló, àwọn oníṣòwò aṣọ tó máa ń lóṣòó síwájú ilé onígbèsè títí owó á fi jáde, kò yẹ kí ó ṣòro fún láti mọ̀ pé kí a tó rán aṣọ ni ọ̀rọ̀ owó rọrùn jù.

Bí kò bá dáhùn títí ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, pè é. Bí ó bá fi ohùn ránṣẹ́ dípò kíkọ, gbọ́ ọ tán, kọ ohun tó sọ ní gbólóhùn méjì, kí o fi ránṣẹ́ padà sí i kí ó fọwọ́ sí i. Bí o kò bá rí i bá sọ̀rọ̀, o ṣì lè ra òwú àti síípù tó bá àwọ̀ àǹkàrá náà mu. Iṣẹ́ sísọ́ọ̀sì á dúró, kódà bí Jímọ̀ bá fẹ́ kọjá.

Nígbà tí aṣọ bá parí

Lẹ́yìn tí oníbàárà bá ti wọ̀ ọ́ wò ni kí o kọ ti ìkẹyìn sínú ìwé: ìwọ̀n ara, ìwọ̀n aṣọ lẹ́yìn àtúnṣe, ààyè tí o fi sílẹ̀, iye yáàdì, owó. Fi nọ́ńbà kan fún iṣẹ́ náà, lẹ ègé àǹkàrá kékeré mọ́ ojú ìwé yẹn, kí o ya àwòrán aṣọ náà pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀. Fi òwú kọ nọ́ńbà náà sára ègé aṣọ kékeré kan, kí o rán an mọ́ inú ọrùn aṣọ náà. Lẹ́yìn náà, kọ sí màmá náà: "Iṣẹ́ 47 ni gáùn yìí, mà. Bí ẹ bá tún fẹ́ irú rẹ̀, 47 ni kí ẹ kọ."